Àjínòmótò: Ṣé Ohun Àdánidá Ni, Ṣé Òun Ló Sì Ń Fọ́ Wa Lórí?

Kí ni àjínòmótò gan-an?

Iyọ̀ kan ni, àmọ́ kì í ṣe iyọ̀ tí a fi ń se ẹ̀wà. Ohun méjì ló para pọ̀ dà á. Èkíní ni glútámeètì, ọ̀kan nínú àwọn èròjà kéékèèké tí purotéènì fi kóra jọ. Èkejì ni sódíọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ìdáná náà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni monosódíọ̀mù glútámeètì. Lára ọ̀rá tàbí páálí, MSG tàbí E621 lẹ máa rí. Orúkọ ọjà àwọn ará Jàpáànù tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1909 la wá sọ di orúkọ gbogbo irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe gbogbo kúùbù ní máàgì.

Ẹ tú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Hóró rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fi ahọ́n kàn án, kò dùn bíi ṣúgà, kò sì níyọ̀ tó iyọ̀. Ẹnu á kàn máa ṣomi, adùn náà á sì dúró lórí ahọ́n bí omi ẹran tó ti hó pẹ́ lórí iná. Adùn yìí ni àwọn ará Jàpáànù ń pè ní ùmámì, tí wọ́n sì kà kún adùn karùn-ún, lẹ́yìn dídùn, kíkan, kíkorò àti iyọ̀.

Ṣé ohun àdánidá ni, àbí ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é?

Glútámeètì jẹ́ ohun àdánidá. Hóró funfun inú ọ̀rá, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ní kí n fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá òun lóhùn, irọ́ ló fẹ́ kí n pa.

Ní 1866, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Heinrich Ritthausen, rí èròjà yìí nínú wíìtì, àmọ́ kò wo ọ̀rọ̀ adùn rẹ̀ rárá. Ní 1908 ni Kikunae Ikeda, olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba ní Tókíò, wádìí ohun tó ń mú kí ọbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ńbù sè dùn tó bẹ́ẹ̀. Ewédò inú òkun ni kọ́ńbù, wọ́n máa ń sá a gbẹ kí wọ́n tó sè é. Ikeda sè é títí, ó yọ ohun tó wà nínú omi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, glútámeètì ló sì bá nídìí rẹ̀. Ó wá fi sódíọ̀mù kún un kí ó lè di hóró tó ṣeé tà, tó sì máa yòrò nínú ọbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, purotéènì wíìtì ni wọ́n ń sè nínú ásíìdì líle kí glútámeètì lè jáde. Iṣẹ́ tó nira ni, torí ásíìdì yẹn máa ń jẹ ìkòkò. Ní 1956 ni wọ́n rí bakitéríà kan nínú erùpẹ̀ ní Jàpáànù, tó jẹ́ pé bó bá ti jẹ ṣúgà, glútámeètì ló ń tú jáde. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti dà bí ìgbà tí èèyàn ń pọn ọtí. Wọ́n á mú ṣúgà ìrèké tàbí ti àgbàdo. Ní Táílándì àti Fiẹtináàmù, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń sọ di ṣúgà fún un. Wọ́n á dà á sínú àgbá ńlá, wọ́n á fi bakitéríà náà sí i, wọ́n á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tó bá ti wú débi tó yẹ, wọ́n á yọ glútámeètì inú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ sódíọ̀mù, wọ́n á fi èédú sẹ́ àwọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá gbẹ ẹ́ títí tó fi máa di hóró.

Nítorí náà, ẹni tó ní "kẹ́míkà ni" kò parọ́, ẹni tó ní "láti ara ẹ̀gẹ́ ni" kò parọ́ náà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìdáhùn yìí ló máa sọ bóyá ó léwu. Májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, ṣebí àdánidá ni.

Wọ́n ní ó wà nínú ìrú àti tòmátì. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìrú ṣàlàyé rẹ̀, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé èmi fúnra mi.

Hóró igbá tútù tí a fi ń ṣe ìrú kún fún purotéènì, glútámeètì sì pọ̀ nínú purotéènì yẹn, ṣùgbọ́n ó so mọ́ àwọn èròjà yòókù bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń so mọ́ra lórí okùn. Ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ní adùn ìrú, bó ti wù kí wọ́n sè é pẹ́ tó. Ó dìgbà tí wọ́n bá bó o, tí wọ́n tún un sè, tí wọ́n fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ nínú ooru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn, bakitéríà á máa gé okùn náà, ìlẹ̀kẹ̀ á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Glútámeètì tó bá já bọ́ ni ahọ́n ń mọ̀. Òórùn tó ń gba inú ilé kan, apá mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà ni.

Irú glútámeètì tó ti já bọ́ yìí wà nínú tòmátì tó pọ́n dáadáa àti nínú wàràkàṣì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ó wà nínú omi ọyàn náà, ti èèyàn sì pọ̀ ju ti màlúù lọ fíìfíì. Tó bá ti wọnú ara, ìfun kò mọ èyí tó ti inú ìrú wá yàtọ̀ sí èyí tó ti inú ọ̀rá wá, torí ohun kan náà ni wọ́n.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò àjínòmótò kì í fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì fi ìrú gba gíráàmù 5 glútámeètì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìrú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣeé jẹ. Ti hóró funfun kò ju bíi ṣíbí ìmutíì méjì lọ. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lórí orí fífọ́ dá lé.

Níbo ni ìtàn pé ó ń fa orí fífọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́tà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1968, Dókítà Robert Ho Man Kwok, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Mérílándì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ó ní bí òun bá jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀yìn ọrùn òun á kú tipiri, á ràn dé apá àti ẹ̀yìn, á rẹ òun, àyà òun á sì máa lù kìkì. Ó máa ń tó bí wákàtí méjì kó tó lọ.

Ẹ kíyè sí i pé orí fífọ́ kò sí nínú ohun tó kà sílẹ̀. Kò sì dá àjínòmótò lẹ́bi. Ó ń wá ohun tó fà á ni: ó ronú nípa ọbẹ̀ sóyà, ó ronú nípa ọtí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, ó dárúkọ àjínòmótò, ó sì fi iyọ̀ tó pọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n àwọn olóòtú fún lẹ́tà náà ní àkọlé tó sọ ọ́ di àrùn ilé oúnjẹ Ṣáínà, àwọn òǹkàwé wá ń kọ lẹ́tà tiwọn wọlé, orí fífọ́ sì bá wọn wọlé. Ẹ̀yìn náà ni gbogbo ìyókù já sọ́rùn àjínòmótò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, John Olney gún àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ó ba apá kan ọpọlọ wọn jẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, ní ìwọ̀n ńlá, fún ọmọ eku, kì í ṣe ọbẹ̀ tó gba inú ikùn kọjá. Nínú èèyàn, ìfun ló máa ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú glútámeètì oúnjẹ bí epo iṣẹ́ tirẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ó dáa, ṣé wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fọ́ni lórí?

Fún ìwọ̀n tó ń wà nínú oúnjẹ, rárá. Fún ìwọ̀n ńlá tí èèyàn mu lórí ikùn òfìfo, ohun kan wà níbẹ̀, àmọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù jáde ní 2000, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ẹni 130 jọ, gbogbo wọn ló ní àjínòmótò ń ṣe àwọn. Wọ́n fún wọn ní gíráàmù 5 láìjẹun, ní ọjọ́ mìíràn wọ́n fún wọn ní ohun mímu tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń mu ún kò mọ èyí tí òun mu, ẹni tó ń bù ú fún un náà kò mọ̀. Ẹni 50 ní ara àwọn yí padà nígbà tó jẹ́ àjínòmótò nìkan. Ẹni 17 ní ti ohun tí kò ní nǹkan kan nínú ló ṣe àwọn. Ẹni 19 ní méjèèjì.

Ẹni tó bá dúró síbí á ní ó parí: 50 ju 17 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kò dúró. Wọ́n tún pe àwọn tó fèsì padà, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, iye náà sì ń dín kù. Nígbẹ̀yìn, ẹni 2 péré ló kù tó ń fèsì sí àjínòmótò nìkan ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí wọ́n sì fún wọn pẹ̀lú oúnjẹ, ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n kò dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ń fa àìsàn lóòótọ́ kì í yí ohùn padà báyẹn.

Ẹ̀rí òdìkejì náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Ní 2010, àyẹ̀wò kan tí wọ́n fún ẹni 14 ní ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n po mílígíráàmù 150 àjínòmótò fún kílò kan ara mọ́, rí i pé orí fọ́ wọn ju ìgbà tí wọ́n mu ti iyọ̀ lásán lọ. Fún ẹni tó wọn kílò 70, gíráàmù 10 àti ààbọ̀ nìyẹn, nínú ife kan. Kò sí ọbẹ̀ kankan tó ń gbà á.

Ìṣòro kan tún wà nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá po àjínòmótò tó pọ̀ mọ́ omi, ahọ́n á mọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó mu, tó sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé á fọ́ òun lórí, orí rẹ̀ lè fọ́ lóòótọ́, kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ní 2016, àwọn tó gbé gbogbo àyẹ̀wò tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò rí i pé nínú èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú oúnjẹ, àjínòmótò kò fa orí fífọ́ ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ, ní ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nínú èyí tí wọ́n mu lásán, adùn rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí. Ní 2018, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń to orúkọ àwọn oríṣi orí fífọ́ yọ "orí fífọ́ àjínòmótò", tó ti wà nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀, kúrò.

Èló ló ń wà nínú ọbẹ̀ tèmi?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan, tí kò ga, máa ń tó bí gíráàmù 4. Bí ẹ bá fi ṣíbí kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí èèyàn 8 máa jẹ, ìdajì gíráàmù ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀bà sì tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kó wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní 1995 sọ pé ẹni díẹ̀ lè ní ìnira tí kì í pẹ́ tí gíráàmù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọlé láìsí oúnjẹ. Ó máa gba ìpín ọbẹ̀ mẹ́fà, láìsí òkèlè, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se núdù lẹ́bàá títì lálẹ́. Mo ti dúró wo ẹnì kan tó ya ọ̀rá kékeré, tó gbọ̀n ọ́n láì fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ sì lọ sórí abọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn máàgì méjì. Ẹni tó bá jẹ ìyẹn lórí ikùn òfìfo ti kúrò lẹ́gbẹ́ ọlọ́bẹ̀ ilé. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní 2017 fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún glútámeètì tí a fi kún oúnjẹ: mílígíráàmù 30 fún kílò ara kan lójúmọ́. Fún ẹni tó wọn kílò 60, gíráàmù 1 àti díẹ̀ sí i, kò pé 2. Ìwọ̀n yìí wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ti gbọ́ pé orí fọ́ àwọn èèyàn. Ẹ ó rí i pé ìdajì gíráàmù wà láàárín rẹ̀ dáadáa, ọ̀rá odidi lórí núdù kan sì lè kọjá rẹ̀.

Kí wá nìdí tí orí mi fi máa ń fọ́ tí mo bá ti òde dé?

Àwọn obìnrin ló máa ń bi mí ní èyí jù, mo sì máa ń bi wọ́n padà: gèlè yẹn ńkọ́? Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí fífọ́ tí ohun tó fún orí ń fà wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọn ò yọ ọ́. Gèlè tí wọ́n fi agbára so láago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò tú títí di ìrọ̀lẹ́, ń tẹ iwájú orí àti ẹ̀bátí fún wákàtí mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ òun ni, orí náà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan tí ẹ bá ti tú u.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, oúnjẹ kì í dé orí tábìlì títí di aago méjì ọ̀sán, ẹ kò sì jẹun kúrò nílé torí ẹ ń retí rẹ̀. Oòrùn ń pa yín, omi tí ẹ mu kò tó ife kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà létí yín, àwọn mìíràn sì ti mu ọtí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè ru túúlu sókè fún ẹni tó ní in. Ìrẹsì ló dé kẹ́yìn, òun ló wá jẹ̀bi.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òun ló ń ṣe tèmi?

Ẹ má fi ìrántí ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ aago tí ẹ kọ́kọ́ jẹun, bóyá àjínòmótò tàbí máàgì wà nínú rẹ̀, àti bóyá orí fọ́ yín. Èyí tó ṣòro jù ni kí ẹ kọ ọjọ́ tí orí kò fọ́ yín náà, torí kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀.

Ká ní obìnrin kan ṣe é fún ọjọ́ 28, orí sì fọ́ ọ ní ọjọ́ 8. Ó wo àwọn ọjọ́ 8 yẹn, ó rí i pé àjínòmótò wà nínú oúnjẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 6. Ó pariwo pé òun ti mú olè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìyókù. Ọjọ́ tó jẹ àjínòmótò lápapọ̀ jẹ́ 20, orí fọ́ ọ ní 6 nínú wọn. Ọjọ́ tí kò jẹ ẹ́ jẹ́ 8, orí fọ́ ọ ní 2. Ìdá tó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin gan-an ni ti èkejì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àjínòmótò wà nínú orí fífọ́ rẹ̀ torí pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀.

Ó wá yí ojú ìwé sí aago tó kọ́kọ́ jẹun. Ọjọ́ 7 ló fi kọjá aago méjì kí oúnjẹ tó kan ẹnu rẹ̀. Orí fọ́ ọ ní 5 nínú wọn. Nínú ọjọ́ 21 yòókù, ó fọ́ ọ ní 3 péré. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe: kó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kó tó jáde, kó sì kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn.

Bí iye tiyín bá wá fi hàn pé ọjọ́ àjínòmótò ni orí ń fọ́ yín ṣáá, tí ọjọ́ mìíràn kì í fọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀ yín. Kò sí èròjà tí ara máa pàdánù, ẹ sì lè fi ìrú rọ́pò rẹ̀. Bí orí bá wá rọlẹ̀ pẹ̀lú ìrú, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe glútámeètì ló ń dà yín láàmú, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?

Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àjínòmótò ni sódíọ̀mù. Nínú iyọ̀ lásán, ó tó ìdá 39. Ẹni tó bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ rọ́pò apá kan iyọ̀ ọbẹ̀ yóò dín sódíọ̀mù kù. Ẹni tó bá da á lé iyọ̀ tó ti pé tẹ́lẹ̀ ń fi kún un. Àwọn tó pọ̀ jù tí mo mọ̀, èkejì ni wọ́n ń ṣe.

Mo gbọ́ pé wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ṣé ohun tó ń fọ aṣọ yẹ kó wọnú ikùn?

Àwọn kan ń fi í rẹ aṣọ lóòótọ́. Wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ ìpẹtà náà, wọ́n sì ń fi iyọ̀ rẹ àdìrẹ kí aró má baà ṣí. Síbẹ̀ a ń jẹ méjèèjì.

Orí fífọ́ wo ni kí n gbé lọ sí ilé ìwòsàn dípò kí n máa bá àjínòmótò jà?

Èyí tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tó le ju gbogbo èyí tó ti ṣe yín rí. Èyí tí ibà àti ọrùn líle bá rìn, tí ojú bá ń ṣú, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Èyí tó ń ṣe aláboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.